Ẹja Inú Bááfù Okun

Ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún méje, gbé ẹja tí a fi páálí gé, ó wo bááfù mẹ́ta tó wà níwájú rẹ̀, ó ka ohun tí a kọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì ju ẹja náà sínú èyí tí a kọ OKUN sí. A bi í pé kí ló dé tó fi fi síbẹ̀. Ó wò wá bí ìgbà tí èèyàn bá ń wo àgbàlagbà tí kò mọ nǹkan kan. Ó ní, "Ṣebí inú òkun ni ẹja ń gbé."

Kí a tó rí ohun tí a máa sọ, ọmọbìnrin tó tẹ̀ lé e ti ka àkọlé bááfù kẹta, ABO, ó sì ti kó abọ́ ìṣeré méjì àti ṣíbí kan sínú rẹ̀.

Ẹ bá wa rẹ́rìn-ín díẹ̀. Àwa mẹ́rin tí à ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì, tí a ti jókòó sí kíláàsì fònọ́lọ́jì, tí a ti dáhùn ìbéèrè lórí okun, òkun àti okùn nínú ìdánwò, àwa la fi máákà dúdú kọ àkọlé láìfi àmì kan ṣoṣo sí i. A rò pé ọmọdé ni wọ́n, àmì ohùn á dà wọ́n láàmú. Àìsí àmì ló dà wọ́n láàmú. Ọmọ tó fi ẹja sínú òkun kàwé dáadáa. Àwa ni a kò kọ ọ́ dáadáa.

Oṣù Kẹjọ ni, lásìkò ìsinmi gígùn. Yàrá kan ní Agége, tí kò jìnnà sí Pẹ́ńsínémà, ni wọ́n yá wa fún ẹ̀kọ́ ìsinmi àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ tó wá jẹ́ 18, gbogbo wọn ò ju ọmọ ọdún méje sí mẹ́jọ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wọn ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà láti Ọ̀gbà títí dé ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà, àwọn kan ń wọlé lálẹ́, àwọn kan ń wọlé ní òwúrọ̀. Eré tí a fẹ́ bá wọn ṣe rọrùn lójú wa: a ó kó oúnjẹ ìṣeré jọ, wọn ó sì pín in sí ìsọ̀rí mẹ́ta tí gbogbo wa kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyẹn oúnjẹ tó ń mú ara dàgbà, oúnjẹ tó ń fún ara lókun, àti oúnjẹ tó ń dáàbò bo ara.

Ìsọ̀rí mẹ́ta yìí ti pẹ́ láyé ju bí a ṣe rò lọ. Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, E. V. McCollum, ló sọ ọ̀rọ̀ "oúnjẹ adáàbòbò" di ohun tí ayé mọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1918, wàrà àti ewé ló sì ní lọ́kàn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Ilé-iṣẹ́ Oúnjẹ ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lo irú ìpín bẹ́ẹ̀ láti kọ́ àwọn ìyàwó ilé bí wọ́n á ṣe ṣètò ìwọ̀nba oúnjẹ tí wọ́n ń pín fún wọn. Ohun tó wúlò nínú rẹ̀ ni pé kò bèèrè ibi tí oúnjẹ ti wá, bóyá inú ilẹ̀ ni tàbí orí igi, bóyá ẹran ni tàbí èso. Ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè: iṣẹ́ wo ni oúnjẹ yìí ń ṣe nínú ara? Ìbéèrè yẹn ni eré náà. Ohunkóhun tó bá jẹ́ kí ọmọ rí ìdáhùn láìronú sí ìbéèrè yẹn ti ba eré jẹ́, ọ̀nà tí ọmọ sì lè gbà rí i pọ̀ ju bí a ṣe mọ̀ lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó fún wọn ní ìdáhùn lọ́fẹ̀ẹ́ ni ohun tí a fi ṣe oúnjẹ ìṣeré náà. Oúnjẹ 24 la ṣe, mẹ́jọ mẹ́jọ fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àga ìjókòó lẹ́bàá ọ̀nà la ti tọrọ fóòmù gígékù, òun la fi gé búrẹ́dì, iṣu, ẹ̀bà, ìrẹsì àti ẹ̀kọ. Lọ́dọ̀ télọ̀ la ti gba àǹkárá gígékù, òun la fi rán ẹ̀fọ́, ọsàn, tòmátì àti ìbẹ́pẹ. Páálí la fi gé ẹja, ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà. Ó dùn ún wò. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí a ti tún àkọlé kọ, àwọn ọmọ pín gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, èyí tí wọ́n ṣì kò ju méjì lọ. Inú wa dùn débi pé a ya fọ́tò.

Ọ̀kan nínú wa ló fura. Nígbà tó délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó fi àǹkárá aláwọ̀ osùn rán ọ̀dùnkún, ó sì fi fóòmù gé ìgbín. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ju ọ̀dùnkún sínú bááfù adáàbòbò, wọ́n ju ìgbín sínú bááfù okun, wọn ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé wa pé wọn ò pín oúnjẹ rí. Fóòmù, aṣọ àti páálí ni wọ́n ń pín. Ohun tó bá rọ̀ tó sì funfun lọ sí ibì kan, ohun tó bá jẹ́ aṣọ lọ sí ibòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ da ohun èlò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí fóòmù wà nínú ìsọ̀rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí aṣọ náà wà níbẹ̀, kí àwọ̀ pupa má ṣe wà ní apá kan ṣoṣo. Ẹ sì máa tọ́jú oúnjẹ márùn-ún pamọ́ tí àwọn ọmọ ò tíì rí rí nínú eré náà. Àwọn márùn-ún yẹn ni ìdánwò. Ọmọ tó há a sórí á dúró, á máa wojú yín. Ọmọ tó yé á bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: "Ìgbín, ẹran ni, àbí? Tó bá jẹ́ ẹran, a jẹ́ pé ó ń kọ́ ara." Ìgbà tí a bá gbọ́ "a jẹ́ pé" lẹ́nu ọmọdé la máa ń mọ̀ pé eré ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọlé ló kàn. A kọ́kọ́ fi àmì sí i: OKUN, ARA, ÀÀBÒ. Èyí dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó ku díẹ̀ káàtó. Ìdí ni pé ààbò jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ Agége ń gbọ́ nínú àdúrà, kò rí i lójú rí. Ọ̀rọ̀ "amúnidàgbà" tó wà nínú ìwé náà tún dá wàhálà tirẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ kan bi wá pẹ̀lú ìbẹ̀rù pé tí òun bá jẹ ẹ̀wà púpọ̀, ṣé òun á di àgbàlagbà bí ìyá àgbà àwọn. Ẹnì kan nínú wa wá ní ká wo ìta. Kí ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń rí lójoojúmọ́? Ilé-iṣẹ́. Wọ́n ń rí bíríkìlà tó ń to búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń rí dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń dà sínú jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì ń rí mẹ́gáàdì lẹ́nu géètì. A yọ gbogbo àkọlé kúrò, a ya àwòrán mẹ́ta: bíríkìlà, jẹ́ẹ̀kàn dísẹ́ẹ̀lì, àti mẹ́gáàdì. A sọ fún wọn pé ara yín ni ilé-iṣẹ́. Ta ni oúnjẹ yìí ń ràn lọ́wọ́?

Láti ìgbà yẹn ni àríyànjiyàn gidi ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó fẹ́ràn ẹran kó gbogbo ẹran, ẹja àti ẹyin jọ sínú abọ́ kan, ó ní kò sí ohun tí òun tún fẹ́ jẹ mọ́. A bi í pé ta ló wà nílé-iṣẹ́ rẹ̀. Bíríkìlà mẹ́rin. Dísẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Kò sí. Iná ò sí, ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́, òtútù ń mú gbogbo òṣìṣẹ́. Kí ni wọ́n máa ṣe? Ó ronú, ó ní, "Wọ́n á fi pákó bíríkìlà dáná." Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló sì rí. Bí oúnjẹ afúnnilókun kò bá tó, ara á mú pùròtéènì tó yẹ kó fi kọ́ iṣan, á fi dáná. Ìdí nìyẹn tí ẹran nìkan kò fi lè tọ́ ọmọ, tí ó sì jẹ́ pé ọmọ tó jẹ ìwọ̀nba ẹ̀wà pẹ̀lú ìrẹsì tó yó o lè dàgbà ju ẹni tó jẹ ẹran ní òfìfo lọ.

Ẹyin lẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lé díẹ̀. Ọmọbìnrin kan kò fẹ́ fọwọ́ kan ẹyin wa rárá. Ó ní ìyá ìyá òun sọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ló máa dà. Èèwọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá, a sì mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Ẹyin àti ẹran wọ́n, ọmọ tó bá mọ adùn wọn tán tí kò sí owó tí yóò fi rà á lè fọwọ́ yọ ọ́ nínú ìkòkò. Ẹ̀kọ́ ìwà ni, ọ̀nà ẹnu ló ń dí. Àmọ́ ọmọ ọdún méje tó wọn kílógíráàmù 22 nílò nǹkan bí 20 gíráàmù pùròtéènì lójúmọ́, ẹyin kan ṣoṣo sì ń mú bí mẹ́fà wá nínú rẹ̀. A ò bá ìyá àgbà jà. A kàn sọ fún ọmọ náà pé bíríkìlà ni ẹyin, olè kì í kọ́lé. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e. A ò mọ ohun tó sọ nígbà tó délé.

Ohun tó wá jẹ́ kí a jókòó tún èrò wa pa ni ẹ̀wà agọ̀nyìn. Kò sí bí èèyàn ṣe lè bá ọmọ Agége ṣeré oúnjẹ kí ọ̀rọ̀ búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà agọ̀nyìn má jáde, àwọn ọmọ náà ló sì bèèrè rẹ̀. Ọ̀kan ní, "Àǹtí, agọ̀nyìn dà?" A ò ṣe é. A ní kí wọ́n fi ohun tó wà nílẹ̀ pèsè rẹ̀. Wọ́n mú búrẹ́dì fóòmù, wọ́n mú ẹ̀wà páálí, wọ́n mú ìgò epo pupa, wọ́n mú ata àti àlùbọ́sà. Wọ́n wá fẹ́ fi gbogbo rẹ̀ sínú bááfù kan, wọ́n ò rí èyí tó gbà á.

A kọ́kọ́ tú u palẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Búrẹ́dì, dísẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀wà, bíríkìlà. Títí dé ibí kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé tí a lọ wo ìwé, a rí i pé búrẹ́dì kì í ṣe dísẹ́ẹ̀lì nìkan. 100 gíráàmù búrẹ́dì ń gbé bíi mẹ́jọ gíráàmù pùròtéènì, iye kan náà tó wà nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà tí a ti sè. Bíríkìlà kékeré kan fara pamọ́ sẹ́yìn jẹ́ẹ̀kàn. Ohun tó kù díẹ̀ fún un ni pé pùròtéènì inú àlìkámà kò ní èròjà kan tó ń jẹ́ laísìnì tó. Ẹ̀wà ní i lọ́pọ̀lọpọ̀, àmọ́ òun náà kò ní èròjà mìíràn tó, mẹtaónìnì, èyí tí búrẹ́dì ní. Bí bíríkìlà méjì ni, tí ọ̀kan ní búlọ́ọ̀kù púpọ̀ tí sìmẹ́ǹtì rẹ̀ kò tó, tí èkejì sì ní sìmẹ́ǹtì tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ kò tó. Bí wọ́n bá dá ṣe é, ògiri kò ní ga. Bí wọ́n bá pàdé, ilé á dúró. Èyí tún wà nínú ìrẹsì pẹ̀lú ẹ̀wà, àti ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín. Gaàrí ni kò lè bá wọn dé ibẹ̀, nítorí 100 gíráàmù rẹ̀ kò gbé tó gíráàmù méjì pùròtéènì. Jẹ́ẹ̀kàn lásán ni, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀.

Ó wá ku epo. Gbogbo àwọn ọmọ ló fi epo pupa sínú bááfù mẹ́gáàdì, wọ́n sì jàre. Epo jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì tó lágbára jù, ṣùgbọ́n àwọ̀ pupa inú rẹ̀ ni kárọ́tìnì, èyí tí ara ń sọ di fítámìnì A, tó ń ṣọ́ ojú àti awọ ara. Àwa náà ti fẹ́ pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ìgbà náà ni ọmọbìnrin kan, tí ìyá rẹ̀ ń ta oúnjẹ ní ìkóríta, sọ pé epo agọ̀nyìn kì í ṣe pupa. Ó ní dúdú ni. Ó ní ìyá òun máa ń yọ́ ọ títí tí èéfín á fi gba gbogbo ibẹ̀.

A dákẹ́. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tó bá ti jẹ ẹ̀wà agọ̀nyìn rí mọ̀ pé bí a ṣe yọ́ epo náà pẹ́ lórí iná ni adùn rẹ̀ ti wá. Ooru yẹn kan náà ló sì ń ba kárọ́tìnì jẹ́. Kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ̀ ọ́n, nítorí àwọ̀ yẹn gan-an ni nǹkan náà. Bí pupa bá ti lọ, mẹ́gáàdì ti lọ, dísẹ́ẹ̀lì ló kù. Ata gbígbẹ àti àlùbọ́sà tí a ti dín kò sì lè ṣe púpọ̀ láti dípò rẹ̀. A wá rí i pé abọ́ tí gbogbo wa fẹ́ràn, tó ní okun dáadáa, tó sì ń kọ́ ara dáadáa, géètì rẹ̀ ṣí sílẹ̀.

Kí la máa fi kún un? Àwọn ọmọ pe ọsàn, nítorí ọlọ́sàn kì í jìnnà sí alágọ̀nyìn. Èyí dára ju bí wọ́n ṣe mọ̀ lọ. Irin wà nínú ẹ̀wà tí ẹ̀jẹ̀ nílò, ṣùgbọ́n ara kì í tètè rí i gbà. Fítámìnì C inú ọsàn ń ràn án lọ́wọ́ láti gbà á, bí wọ́n bá jọ wọ inú ikùn lásìkò kan náà. Ọsàn kò dípò kárọ́tìnì tó jóná. Ẹ̀fọ́ tàbí ìbẹ́pẹ ló lè ṣe ìyẹn lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì. Ṣùgbọ́n mẹ́gáàdì kan ti dé ẹnu géètì.

Láti ọjọ́ yẹn, a kò fi bááfù parí eré mọ́. Bááfù ni ìdajì àkọ́kọ́, níbi tí ọmọ ti ń mọ iṣẹ́ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Abọ́ ni ìdajì kejì. Ọmọ á ṣètò abọ́ kan, á ka òṣìṣẹ́ inú rẹ̀, á sọ ẹni tí kò wá síbi iṣẹ́. Ọmọbìnrin ọjọ́ àkọ́kọ́ tó kó abọ́ sínú ààbò ti ń sọ nǹkan fún wa tí a ò gbọ́.

Ìdajì kejì yìí náà la ti ṣe àṣìṣe tó dùn wá jù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi oúnjẹ ìṣeré ṣètò ohun tó jẹ lánàá. Ó dà bí ohun tó yẹ. Ọmọbìnrin kan wà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó mú gaàrí, ó tún mú ẹ̀bà, ó mú búrẹ́dì, ó dákẹ́. A ní kó ka òṣìṣẹ́ inú abọ́ rẹ̀, bí a ṣe ń ní kí gbogbo wọn kà á. Kó tó lanu, ọmọ kan ti kígbe pé ilé wọn ò ní mẹ́gáàdì, ilé wọn ò ní bíríkìlà, yàrá sì dà rú fún ẹ̀rín. Òun kò sunkún. Ó kàn kó ọwọ́ sábẹ́ tábìlì.

Ní ọjọ́ kejì, a tún bèèrè ohun kan náà. Àìgbọ́n wa nìyẹn. Gbogbo ọmọ 18 ló jẹ ẹran adìyẹ. Gbogbo wọn ló jẹ ẹyin. Ọmọbìnrin yẹn jẹ adìyẹ lẹ́ẹ̀mejì, ó jẹ ẹja, ó sì jẹ ọsàn mẹ́ta. A ò ní láti bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí a tó mọ̀ pé irọ́ ni, àwa la sì kọ́ wọn ní irọ́ náà. Eré tó yẹ kó kọ́ wọn ní iṣẹ́ oúnjẹ ti kọ́ wọn pé oúnjẹ ilé ẹlòmíràn dára ju tiwọn lọ.

A ra ọmọlangidi kan ní ọjà, a gbé e jókòó sórí tábìlì, abọ́ sì di tirẹ̀. Àwa la ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ báyìí, iṣẹ́ àwọn ọmọ ni láti fi nǹkan kan ṣoṣo kún un. Ofin méjì ló wà. Èkíní, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ mú ohun tó ti wà nínú abọ́ kúrò, nítorí ohun tí ìyá rí fún ọmọ ni. Èkejì, ohun tí wọn ó fi kún un gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n ti rí kí wọ́n ń tà ní àdúgbò. A gbé gaàrí síwájú ọmọlangidi. Ọwọ́ pọ̀ lókè, àmọ́ ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn ló dìde láìnawọ́. Ó mú ẹ̀pà, ó dà á sórí gaàrí, ó padà lọ jókòó. A bi í pé ta lẹ̀pà. Ó ní, "Bíríkìlà." Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti mu gaàrí pẹ̀lú ẹ̀pà rí, wọn ò kàn mọ̀ pé iṣẹ́ ń lọ nínú kọ́ọ̀pù yẹn.

Ní ọjọ́ tí a parí, àwọn òbí tí àyè gbà wá. Ìyá kan bọ́ láti ibi iṣẹ́ alẹ́, kò tíì dé ilé. Ó dúró ti bááfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọmọ rẹ̀ ń ṣàlàyé bíríkìlà àti mẹ́gáàdì fún un, ó ń mi orí. Nígbà tí ọmọ náà sáré jáde, ó kọjú sí wa. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi mọ bááfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti kékeré. Owó tó máa dé inú méjì tó kù ló ń pẹ́ dé." A ò rí èsì kan fún un ju pé, "Ẹ kú làálàá, mà." Eré wa kò lè dá owó ẹyin padà sí ti tẹ́lẹ̀, a kì í sì í ṣe bí ẹni pé ó lè ṣe é.

Nígbà tí a ń kó ẹrù wa ni a rántí ọ̀rọ̀ kan tí a ti kà. Ní ọdún 1933, dókítà kan, Cicely Williams, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wú, tí irun wọn pọ́n, tó sì jẹ́ pé oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n ń fún wọn. Kò fi èdè ilé ìwòsàn sọ àìsàn náà lórúkọ. Ní 1935, ó gba orúkọ tí àwọn ìyá tó ń sọ èdè Gáà ń pè é, kúwáṣíọ́kọ̀, àìsàn tó ń ṣe ọmọ tí wọ́n bí àbúrò lé. Àwọn ìyá yẹn ti rí ohun tó ń fà á, wọ́n ti so ó mọ́ orúkọ kí dókítà tó dé. Ohun tí Williams ṣe ni pé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń pè é.

A ṣì ń lo bááfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹja páálí náà ṣì wà, ìrù rẹ̀ ti ya. Nígbàkúùgbà tí a bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tuntun, ọ̀kan nínú wa á kọ OKUN sára pátákó láìsí àmì, á gbé ẹja sókè, á bèèrè ibi tó ń lọ. Wọ́n á kígbe. Lẹ́yìn náà ni a óò pa á rẹ́, a óò ya jẹ́ẹ̀kàn dísẹ́ẹ̀lì síbẹ̀.